Ẹjọ́ tí juníọ̀ kó sínú ìwé àròyé: báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó wà àti èyí tí ẹ̀rọ dá sílẹ̀?

Adéníkẹ̀ẹ́_Ìkẹjà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣáńbà wa kò tóbi. Juníọ̀ kan gbé ìwé àròyé wá fún mi lórí ìtakò tí a fẹ́ gbé dìde, torí pé orúkọ ṣáńbà ni wọ́n fi buwọ́ lu ìwé ìpẹ̀jọ́ tí wọ́n fi pe oníbàárà wa, kì í ṣe orúkọ agbẹjọ́rò kankan. Èdè rẹ̀ dán, ẹjọ́ tó tọ́ka sí sì lé ní ogún. Nígbà tí mo bi í, ó ní ChatGPT bá òun kọ apá kan. Báwo lẹ ṣe ń yẹ irú ìwé báyìí wò kí ẹ tó buwọ́ lù ú? Ọjọ́ tí a máa fi í sílẹ̀ ní kóòtù ti ń sún mọ́lé, n kò sì lè ka gbogbo ìdájọ́ yẹn tán.

Fẹ́mi_Kọ̀ǹpútà

Àǹtí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ tẹ orúkọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú Google. Èyí tó bá jáde, ó wà. Èyí tí kò bá jáde, ẹ yọ ọ́. Tí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ bi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ pé ṣé ẹjọ́ yìí wà lóòótọ́. Tó bá ti ṣì í, ó máa ń jẹ́wọ́, á sì tọrọ àforíjì.

Bàbá_Ìyágankú

Fẹ́mi, wíwá tí o ní kí wọ́n wá a kò burú láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíbi ẹ̀rọ léèrè yẹn gan-an ló kó àwọn agbẹjọ́rò kan sí wàhálà ní New York. Mata v. Avianca ni ẹjọ́ náà. Ọkùnrin kan sọ pé kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ nínú ọkọ̀ òfuurufú gbá òun lórúnkún, ó sì pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́jọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún méjì tí Àdéhùn Montreal fi sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti kọjá. Agbẹjọ́rò olùpẹ̀jọ́ wá kó ẹjọ́ jọ láti fi hàn pé kò tíì kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ni Varghese v. China Southern Airlines, 925 F.3d 1339, tí wọ́n ní Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn kọkànlá dá lọ́dún 2019. Ó bi ChatGPT bóyá ẹjọ́ yìí wà. Ẹ̀rọ ní ó wà, pé wọ́n á rí i nínú Westlaw àti LexisNexis, àwọn àkójọ ìdájọ́ tí lọ́yà máa ń wá ẹjọ́ nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí níbì kankan. Ní June 22, 2023, Adájọ́ Castel bu ìtanràn $5,000 lé wọn lórí.

Adéníkẹ̀ẹ́, ibi tí mo fẹ́ kí o fojú sí nìyí. Ní ọ́fíìsì tèmi, a kì í fi orúkọ wá ẹjọ́. Ìwé àkójọ ìdájọ́ la máa ń ṣí, ní ojú ewé tí wọ́n kọ, kí a wo ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ìdìpọ̀ 925 F.3d dé ojú ewé 1339 yóò rí i pé àárín ẹjọ́ mìíràn ló já sí, J.D. v. Azar, tó bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé 1291. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Washington ló sì dá a, kì í ṣe ti ẹkùn kọkànlá. Ẹlòmíràn ló ń gbé ilé náà, kò sì sí Varghese kankan tó gbé ibẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni irú àyẹ̀wò yẹn ń gbà. Orúkọ kò lè fún ọ ní ìdánilójú yẹn, torí ẹ̀rọ mọ bí a ṣe ń hun orúkọ tó dún bí ẹjọ́. Àwọn tó ń da nǹkan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà sì ti ń ṣe àdàkọ irọ́ wọ̀nyẹn kiri, orúkọ tí kò sí lè jáde lórí Google lónìí.

Tí ìwé kò bá sí nítòsí, ka ìtàn inú rẹ̀. Nígbà tí kóòtù ní kí wọ́n gbé ìdájọ́ Varghese wá, èyí tí wọ́n gbé wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan tó ń pẹjọ́ nítorí ikú ẹnì kan. Kò pẹ́ tó fi di ẹjọ́ ọkùnrin mìíràn tí ọkọ̀ òfuurufú fi sílẹ̀ lọ. Adájọ́ ènìyàn kì í gbàgbé ẹni tó pẹjọ́ láàárín ojú ewé méjì.

Ní ti NWLR, ìwé àkójọ ìdájọ́ tiwa ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò kan wà tí ó rọrùn. Nọ́ńbà Part rẹ̀ ń gòkè ni, kì í padà sẹ́yìn. Garba v University of Maiduguri ti 1986 wà ní Part 18. Kotoye v CBN ti 1989 wà ní Part 98. Okafor v Nweke ti 2007 wà ní Part 1043. Tí ọdún àti Part kò bá bára wọn mu, fura sí i kí o tó ṣí ohunkóhun.

Ìyá_Ìbejì_Ṣómólú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, èmi kì í ṣe lọ́yà. Èmi àti àwọn ọmọ onílẹ̀ ni a jọ wà ní kóòtù lórí ilẹ̀ tí ọkọ mi rà. Mo jókòó lórí fóònù mi lálẹ́, mo kó ẹjọ́ rẹpẹtẹ jọ tó fara jọ tèmi, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e fún lọ́yà mi kí iṣẹ́ lè yá. Ńṣe ló wò mí lójú, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ṣé kò yẹ kó lò ó ni? Owó mi ló kúkú ń jẹ.

Táíwò_Lọ́ńdọ̀nù

Mà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú èyí ṣẹlẹ̀ níbí. Ní June 6, 2025, ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù da ẹjọ́ méjì pọ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Al-Haroun v Qatar National Bank ni ọ̀kan, owó ńlá ni wọ́n ń bèèrè nínú rẹ̀, mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́nà bíi àádọ́rùn-ún. Nínú ìtọ́ka 45 tí wọ́n fi sílẹ̀, 18 ni kò sí rárá, àwọn mìíràn tó sì wà kò sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ. Oníbàárà ló ṣe ìwádìí náà fúnra rẹ̀, lọ́yà rẹ̀ sì gbà á bẹ́ẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́yà ni kóòtù bá wí, wọn kò gbà á ní àwáwí pé oníbàárà ló kó o wá.

Ẹjọ́ kejì ni Ayinde v London Borough of Haringey, lórí ilé gbígbé. Ẹjọ́ márùn-ún tí kò sí ló wà nínú ìwé tí wọ́n kọ. Àwọn ènìyàn máa ń sọ ti ẹjọ́ márùn-ún yẹn, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú ìwé náà tó yẹ kí Àǹtí Adéníkẹ̀ẹ́ wò dáadáa. Wọ́n kọ pé òfin ilé ti 1996, ẹ̀ka 188(3), sọ ọ́ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ láti wá ibùgbé fún ènìyàn títí àtúnyẹ̀wò yóò fi parí. Ohun tí òfin náà sọ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò pa á láṣẹ fún wọn. Òfin wà, nọ́ńbà ẹ̀ka rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yí, gbogbo àròyé sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ń wá ẹjọ́ àfọwọ́dá nìkan kò ní rí i.

Adéníkẹ̀ẹ́_Ìkẹjà

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà Part tí ẹ sọ. Ẹ wo ọ̀kan: ó kọ (2014) 6 NWLR (Pt. 1043) 212 sí iwájú ẹjọ́ kan. Part 1043 kan náà ni Okafor v Nweke wà, ti 2007! Mo ṣí i, n kò rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn níbẹ̀. Mo ti yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n Okafor v Nweke fúnra rẹ̀ wà, mo rí i ní ojú ewé 521 bó ṣe kọ ọ́. Ohun tó kọ nípa rẹ̀ nìyí: "Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ nínú Okafor v Nweke pé ìwé ìpẹ̀jọ́ tí orúkọ ṣáńbà bá wà lábẹ́ rẹ̀ ti kú, kí kóòtù da ẹjọ́ náà nù pátápátá, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe." Èyí ti yè, àbí?

Bàbá_Ìyágankú

Kò tíì yè. Èyí ló léwu ju ti Part 1043 lọ, torí alátakò kò ní sọ pé ẹjọ́ náà kò sí. Yóò kàn ṣí i, yóò kà á fún adájọ́ létí rẹ.

Mú gbólóhùn juníọ̀ rẹ, kí o gé e sí ìdí-ìdí. Ó sọ ohun mẹ́ta: pé ìwé ìpẹ̀jọ́ ni wọ́n ń sọ, pé wọ́n da ẹjọ́ náà nù pátápátá, pé kò sí àtúnṣe. Nísinsìnyí, ṣí ìdájọ́ náà, kí o wá ìlà tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró.

Àkọ́kọ́, ìwé wo ló wà níwájú kóòtù? Kì í ṣe ìwé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ìbéèrè kan ni, tí wọ́n gbé wá sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè gbà wọ́n láyè láti pe kòtẹ́milọ́rùn tiwọn lẹ́yìn ọjọ́. Ohun tí wọ́n fi buwọ́ lù ú ni "J.H.C. Okolo SAN & Co." Kóòtù wo ẹ̀ka 2(1) àti 24 nínú òfin àwọn agbẹjọ́rò, wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò nìkan ló lè buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣáńbà kò sì sí nínú ìwé náà. Ìdí ọ̀rọ̀ náà bá tìrẹ mu, ṣùgbọ́n irú ìwé náà yàtọ̀. Ẹjọ́ tí juníọ̀ rẹ nílò níbẹ̀ ni SLB Consortium v NNPC (2011) 9 NWLR (Pt. 1252) 317. Ìwé ìpẹ̀jọ́ ni wọ́n fi orúkọ ṣáńbà bu ọwọ́ lù nínú ìyẹn.

Ìkejì, àṣẹ wo ni kóòtù pa? Wọ́n wọ́gi lé ìbéèrè náà ni. Wọn kò dà á nù pátápátá. O mọ ìyàtọ̀: èyí tí wọ́n wọ́gi lé, olúwa rẹ̀ lè tún ìwé rẹ̀ ṣe kó padà wá. Tí o bá lọ bẹ adájọ́ pé kó da ẹjọ́ nù, tí o sì gbé Okafor lé e lọ́wọ́, ohun tí ìwé rẹ fúnra rẹ̀ kò fún ọ lo ń bèèrè.

Ìkẹta ni "kò sí ohun tó lè tún un ṣe". Lọ ka Heritage Bank v Bentworth Finance (2018) 9 NWLR (Pt. 1625) 420. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ẹni tó mọ̀ pé ìbuwọ́lùwé kò tọ́, tó dákẹ́, tó sì bá ẹjọ́ náà lọ, lè ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti takò ó. Nítorí náà, kí o tó kọ ìlà yẹn, bi juníọ̀ rẹ bóyá oníbàárà yín ti fi èsì sílẹ̀ láì sọ nǹkan kan nípa ìbuwọ́lùwé náà.

Agbẹjọ́rò_Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi Heritage Bank dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ẹjọ́ yẹn kò yí Okafor padà. Inú ìwé ẹ̀sùn ni àléébù ti wà níbẹ̀, kì í ṣe nínú ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Bí ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ bá ti kú, kóòtù kò ní àṣẹ kankan, kò sì sí ẹni tó lè fi dídákẹ́ fún kóòtù ní àṣẹ. Madukolu v Nkemdilim ti 1962 ṣì dúró. Èmi kò ní mẹ́nu kan Heritage rárá.

Bàbá_Ìyágankú

Àbúrò, ó ṣeé ṣe kí àlàyé rẹ borí níwájú adájọ́, èmi náà lè lò ó. Kíkọ̀ láti mẹ́nu kàn án ni n kò gbà. Kọ ọ́ síbẹ̀, kí o sọ ìdí tí kò fi kan ọ̀rọ̀ rẹ. Bó bá jẹ́ alátakò ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹjọ́ ogún yòókù tí o kó wá yóò di ohun tí adájọ́ ń fi ojú fífura wò.

Akọ̀wé_Ìjábọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ọ̀dọ̀ àwa tí à ń kọ ìjábọ̀ fún ìjọba àti ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ wá sílẹ̀. Deloitte ní Australia gba iṣẹ́ tó tó A$440,000 láti kọ ìjábọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lórí bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ fìyà jẹ àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́. Ìjábọ̀ náà jáde ní 2025. Olùkọ́ kan ní Yunifásítì Sydney ló rí i pé ìwé tí wọ́n tọ́ka sí nínú rẹ̀ kò sí. Kì í ṣe pé ó lọ yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó mọ̀, pẹ̀lú àkọlé ìwé tí kò gbọ́ rí, lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ka ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní adájọ́ kan sọ nínú ìdájọ́ tún wà níbẹ̀, adájọ́ náà kò sọ ọ́. Wọ́n tún ìjábọ̀ náà gbé jáde ní October, wọ́n sì dá apá kan owó náà padà.

Ní ọ́fíìsì wa, ẹni tó kọ ọ́ kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ gbé fólúdà kan kalẹ̀. Gbólóhùn tó bá ní nọ́ńbà, orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nínú, ojú ewé tó ti mú un wá gbọ́dọ̀ wà nínú fólúdà náà, pẹ̀lú ìlà tó fi yẹ́lò kùn. Ẹlòmíràn tí kò bá wọn kọ nǹkan yóò ka ìlà yẹ́lò yẹn ná kó tó ka gbólóhùn wa. Bó bá ka gbólóhùn wa ṣáájú, ohun tí a fẹ́ kí ó rí ni yóò máa rí. Ṣùgbọ́n a kì í yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ìjábọ̀ olójú ewé igba, a máa ń mú ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí a bá rí àléébù nínú rẹ̀, a ó wá padà yẹ gbogbo rẹ̀.

Bàbá_Ìyágankú

Fólúdà yẹn dára, èmi náà máa ń ní kí juníọ̀ lẹ ẹ̀dà ojú ewé mọ́ ìwé àròyé. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni n kò lè fọwọ́ sí. Nọ́ńbà tó bá ṣìṣe nínú ìjábọ̀, ẹ lè tún un ṣe. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìwé àròyé, orúkọ mi ló bàjẹ́ níwájú adájọ́ tí n óò tún rí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Akọ̀wé_Ìjábọ̀

Ọ̀gá, ẹni mélòó ló wà ní ọ́fíìsì yín? Oníbàárà wa kì í san owó ìyẹ̀wò. Tí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé owó, wọ́n á ní kí ni a ń gbowó àkọ́kọ́ fún.

Fẹ́mi_Kọ̀ǹpútà

Ó dáa, mo ti gbà pé kí a má bi ẹ̀rọ léèrè. Ṣùgbọ́n LawPavilion, àkójọ ìdájọ́ orí kọ̀ǹpútà tiwa, ńkọ́? Nọ́ńbà LPELR rẹ̀ máa ń gbé ènìyàn lọ tààrà sí ẹjọ́ náà, àkópọ̀ sì wà lókè rẹ̀. Ẹni tó bá ka àkópọ̀ yẹn, ṣé kò tíì ka ẹjọ́ náà ni?

Agbẹjọ́rò_Ọ̀ṣogbo

Fẹ́mi, nọ́ńbà yẹn wúlò gan-an láti mọ̀ pé ẹjọ́ wà. Àkópọ̀ òkè ni kò tó. Ẹni tó ń tẹ ìwé jáde ló kọ ọ́, kì í ṣe adájọ́. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni wọ́n gbé síbẹ̀ bí ẹni pé òun ni ìdájọ́ dúró lé. Mo ti rí juníọ̀ tó fi ọ̀rọ̀ adájọ́ tí kò fara mọ́ àwọn yòókù ṣe ẹ̀rí, torí ó kàn wá ọ̀rọ̀ kan, ó sì já sí àárín. Wo orúkọ adájọ́ tó sọ ọ́, kí o wo ibi tó parí sí.

Adéníkẹ̀ẹ́_Ìkẹjà

Mo ti ṣe é dé ibi tí agbára mi mọ. Juníọ̀ ti lẹ ẹ̀dà ojú ewé mọ́ gbogbo èyí tó kù, a ti yọ gbólóhùn "da nù pátápátá", SLB Consortium ti wọlé, Heritage Bank náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àlàyé Lọ́yà Ọ̀ṣogbo. Oníbàárà wa kò tíì fi èsì sílẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọ̀kan ló kù tí n kò mọ ohun tí n óò ṣe sí. Ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni, wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kankan. Nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ ìdájọ́ nìkan ló kọ. Kò sí ojú ewé tí mo lè ṣí. Juníọ̀ ní òun kò rántí bóyá ẹ̀rọ ló fún òun tàbí ọ̀rẹ́ òun kan.

Bàbá_Ìyágankú

Yọ ọ́, àyàfi tí o bá rí ẹ̀dà tí kóòtù fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà yẹn náà ni adájọ́ máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ.

Adéníkẹ̀ẹ́_Ìkẹjà

Ó wù mí kí n lò ó, Bàbá, bí ó bá wà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá tiwa mu ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Táíwò_Lọ́ńdọ̀nù

Ìyẹn gan-an ni n bá kọ́kọ́ fura sí, Àǹtí. Ẹ̀rọ yẹn máa ń fún ènìyàn ní ohun tó ń wá.

Agbẹjọ́rò_Ọ̀ṣogbo

Ẹ rán juníọ̀ náà lọ sí ríjísírì láàárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Kó mú owó ìwádìí dání, kó sì ní kí wọ́n ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ẹjọ́ sí fún ọdún yẹn, kó wo orúkọ tó wà níwájú nọ́ńbà náà. Bí wọ́n bá sọ fún un pé fáìlì ti sọnù, orúkọ inú ìwé ńlá yẹn ṣì máa sọ fún yín bóyá ẹjọ́ náà wà.

Adéníkẹ̀ẹ́_Ìkẹjà

Ó ń lọ láago mẹ́jọ. Tí kò bá rí i, a ó fi ìwé náà sílẹ̀ láìsí i ní ọjọ́ Ẹtì.